Àtúnṣe Mélòó Ló Wà Nínú Owó Iṣẹ́, Kí Sì Ni À Ń Pè Ní Ọ̀kan?

Lẹ́tà tí ayàwòrán ń kọ sí oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè méjì nípa àtúnṣe. Èkíní ni iye ìgbà tí oníbàárà lè ní kí wọ́n tún àwòrán ṣe láìsan owó mìíràn. Èkejì ni ohun tí wọn yóò kà sí ẹ̀ẹ̀kan. Èkejì yìí ló le jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà máa ń fò. Bí lẹ́tà bá sọ pé àtúnṣe méjì wà nínú owó, tí kò sọ ohun tó ń jẹ́ àtúnṣe kan, kò tíì sọ nǹkan kan. Oníbàárà lè gbà pé gbogbo ohun tí òun bá rántí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àtúnṣe kan náà ni. Ayàwòrán lè gbà pé nígbàkúùgbà tí òun bá ní kí ẹ̀rọ tún àwòrán yọ, àtúnṣe kan ti lọ nìyẹn. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìjà ti wà nílẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ ọnà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, àmọ́ ó ní ojú tirẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ṣẹ̀dá àwòrán náà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Midjourney àti Stable Diffusion, tí àwọn méjèèjì dé ọwọ́ aráàlú ní ọdún 2022. Ènìyàn yóò tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ yóò sì yọ àwòrán jáde. Ọ̀nà tó ń gbà yọ ọ́ ló mú kí àtúnṣe rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwòrán àfọwọ́yà.

Ẹ̀rọ yìí kì í fa ìlà kan kó tó fa òmíràn. Ojú àwòrán tó kún fún àmì wínníwínní, tí kò ní ètò kankan, ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò máa yọ rúdurùdu yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, ní ìgbésẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀, títí ohun tó kù yóò fi bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mu. Nọ́ńbà kan, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní síìdì, ló ń pinnu bí rúdurùdu àkọ́kọ́ náà ṣe rí. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró bó ṣe wà, tí síìdì yí padà, àwòrán mìíràn pátápátá ni yóò jáde. Bí síìdì bá dúró, tí ọ̀rọ̀ yí padà, ìyípadà náà kì í mọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, nítorí pé gbogbo ojú àwòrán ni ọ̀rọ̀ ń darí ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí oníbàárà fi lè ní kí gèlè pupa di aláwọ̀ ewé, kí ó sì rí i pé ojú obìnrin náà ti yí padà, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò níbi tó wà, òòrùn sì ti gba ibòmíràn wọlé. Bí aláró bá di àdìrẹ oníko méjì lọ́nà kan náà, tó sì rẹ wọ́n sínú aró kan náà, wọn yóò jọra, ṣùgbọ́n aṣọ kan kò ní di èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tí wọ́n tún yọ ṣe rí sí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà. Ayàwòrán lè sàmì yí apá kan àwòrán ká, kí ẹ̀rọ tún ibẹ̀ nìkan yà, kí ìyókù má sì yẹ̀. Ọ̀nà yìí dára fún gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, ìka ọwọ́, tàbí garawa tí kò yẹ kó wà lẹ́yìn. Kò lè gbé ènìyàn tó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kí ó dojú kọ iwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ibi tí wọ́n tún yà gbọ́dọ̀ bá ti ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn mu. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni àtúnṣe pín sí: àtúnyà apá kan, tó ń fi ìyókù sílẹ̀, àti àtúnyọ gbogbo rẹ̀, tí kò lè ṣèlérí pé ohunkóhun tí oníbàárà fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ yóò ṣẹ́ kù. Lẹ́tà tó dára máa ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kó tó dárúkọ iye kankan.

Lẹ́yìn èyí ni ìtumọ̀ àtúnṣe kan ó wá kàn. Ìtumọ̀ tó ṣeé gbára lé kì í ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ayàwòrán lè tún apá kan yà ní ogún ìgbà kí ìka ọwọ́ tó pé márùn-ún, ó sì lè rí i gbà ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Oríire tàbí àìríire yẹn kò kan oníbàárà, kò sì yẹ kó sanwó rẹ̀. Ohun tó yẹ kí lẹ́tà kà ni àkójọ ohun tí oníbàárà fẹ́. Àtúnṣe kan jẹ́ àkójọ kan, tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí àwòrán kan tó ti yàn, tí ayàwòrán sì dá èsì rẹ̀ padà. Ì báà jẹ́ ohun kan ló wà nínú àkójọ náà, ì báà jẹ́ mẹ́fà, àtúnṣe kan ni.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé ìtumọ̀ yẹn ró. "Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo" ń dènà àṣà kí oníbàárà fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù láàárọ̀, kó tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́sàn-án, kí ìyàwó tàbí ọ̀gá rẹ̀ sì fi tiwọn kún un lálẹ́. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnì kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún oníbàárà, kó sì sọ pé ayàwòrán kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ẹni náà yóò fi sọ pé àkójọ ti pé. "Àwòrán kan" ń dènà kí oníbàárà máa ní kí wọ́n tún mẹ́rin ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kí òun tó mọ èyí tí òun fẹ́. "Dá èsì padà" ló ń parí kíkà náà. Bí oníbàárà bá rántí ohun kan sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fi kún àkójọ náà, ṣùgbọ́n bó bá rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí èsì ti dé, ó di ti àtúnṣe tó kàn.

Àwọn ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú kíkà rárá. Àkọ́kọ́ ni àṣìṣe iṣẹ́: ọwọ́ oníka mẹ́fà, etí tó wọ inú gèlè, ìlù gángan tí ọṣán rẹ̀ kò so mọ́ ibì kankan, tàbí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí ẹni tó béèrè fún un. Ẹ̀rọ máa ń ṣe irú rẹ̀, iṣẹ́ ayàwòrán sì ni láti rí i kí ó tó fi àwòrán ránṣẹ́. Bó bá bọ́ mọ́ ọn lójú, ọ̀fẹ́ ni yóò tún un ṣe, ìgbàkígbà tí oníbàárà bá tọ́ka sí i kí iṣẹ́ tó parí. Èkejì ni ohun tó yàtọ̀ sí àdéhùn. Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé ìró àti bùbá, tí àwòrán sì mú kaba wá, oníbàárà kò lo àtúnṣe kankan láti sọ pé kí wọ́n mú ìró àti bùbá wá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára àwòrán. Ẹ̀rọ tó ń yọ àwòrán kì í to lẹ́tà bí àwọn atẹ̀wé ṣe ń tò ó. Ńṣe ló ń ya ohun tó jọ lẹ́tà, ó sì sábà máa ń ba àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà Yorùbá jẹ́, kó fò wọ́n, tàbí kó gbé wọn sí ibi tí kò yẹ. Nítorí náà, ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ oníbàárà. Ó máa ń yọ àwòrán láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọ̀rọ̀ lé e nígbẹ̀yìn, nínú ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà fún iṣẹ́ ìwé. Lẹ́tà máa ń sọ èyí, kí oníbàárà lè mọ̀ pé àtúnṣe ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí àtúnṣe àwòrán. Bí ayàwòrán ló ṣi orúkọ kọ, ọ̀fẹ́ ni. Bí oníbàárà ló yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, owó kékeré kan lè wà fún un, ṣùgbọ́n kì í jẹ nínú àtúnṣe àwòrán.

Ní ìdàkejì, àwọn ohun kan wà tó ju àtúnṣe lọ, tó jẹ́ iṣẹ́ tuntun. Bí ẹni tó wà nínú àwòrán bá yí padà, tàbí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, tàbí irú àwòrán náà, bíi kí èyí tó dà bíi fọ́tò di àwòrán ọ̀dà, àdéhùn àkọ́kọ́ ti dópin. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìtóbi àti ìdúró àwòrán, èyí tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kà sí ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń yọ àwòrán tó ní 1024 píksẹ́lì ní ìbú àti 1024 ní òró. Bí atẹ̀wé bá fẹ́ 300 píksẹ́lì nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò tó ínṣì mẹ́rin lórí ìwé. Wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ lójú ní ìlọ́po mẹ́rin, kó di 4096 ní ìbú àti ní òró. Kàlẹ́ńdà ìwọ̀n A3 tó dúró lóòró ń fẹ́ bí 3508 ní ìbú àti 4961 ní òró. Ìbú ti tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n òró kò tó. Bí wọn kò bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́ sí i kí wọ́n sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ya ojú ọ̀run tuntun sókè tàbí ilẹ̀ tuntun sísàlẹ̀, tí oníbàárà kò rí rí. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi máa ń béèrè ìwọ̀n àti ìdúró kí àwòrán àkọ́kọ́ tó jáde, tó sì ń sọ pé yíyí wọn padà lẹ́yìn náà kì í ṣe àtúnṣe.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi bí kíkà ṣe ń lọ hàn. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, tó ń di gàrí sínú ọ̀rá tà, fẹ́ àwòrán kan fún kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Àdéhùn sọ pé kí obìnrin àgbà kan máa yan gàrí nínú agbada lábẹ́ àtíbàbà, nínú ìró àti bùbá, ní òwúrọ̀, kí ó jọ fọ́tò, ní ìwọ̀n A3 tó dúró lóòró. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦90,000. Àwòrán mẹ́rin ni wọn yóò kọ́kọ́ fi hàn, oníbàárà yóò yan ọ̀kan, àtúnṣe méjì yóò sì tẹ̀ lé e. Àfikún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦15,000.

Oníbàárà yan àwòrán kẹta. Ó kọ àkójọ ohun mẹ́rin: kí gèlè di aláwọ̀ ewé, nítorí pé àwọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kí ohun tó wà nínú agbada jọ gàrí, nítorí pé ìrẹsì ló jọ, kí garawa ike ẹ̀yìn kúrò, kí wọ́n sì wo ọwọ́ òsì, ìka mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ìka mẹ́fà náà jẹ́ àṣìṣe iṣẹ́, kò sì wọ inú kíkà. Ọ̀rọ̀ gàrí ń fẹ́ ìwòye díẹ̀. Àdéhùn ti sọ pé gàrí ni, àwòrán sì mú ohun mìíràn wá, nítorí náà òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Gèlè àti garawa ló ṣẹ́ kù, àtúnyà apá kan sì tó fún méjèèjì. Wọ́n kà wọ́n pọ̀ sí àtúnṣe kìíní.

Èsì dé, oníbàárà gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ní kí obìnrin náà kọjú sí ẹni tó ń wò ó, kí ó sì rẹ́rìn-ín. Àtúnyà apá kan kò lè ṣe èyí, nítorí pé orí, ọrùn, èjìká àti ọwọ́ ni yóò yí padà. Ayàwòrán kọ èsì kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́: àtúnyọ gbogbo rẹ̀ ni, yóò jẹ́ àtúnṣe kejì, ojú obìnrin náà kò sì ní jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Oníbàárà gbà. Àwòrán tuntun mẹ́ta dé, ó yan ọ̀kan, àtúnṣe méjì sì pé.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù máa ń yọjú. Oníbàárà ní òun fẹ́ràn ẹ̀rín tuntun, ṣùgbọ́n ojú ti tẹ́lẹ̀ ló wu òun. Àwọn ẹ̀rọ kan lè gba àwòrán àtijọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe, kí ojú tuntun lè jọ ọ́, ṣùgbọ́n jíjọ yàtọ̀ sí jíjẹ́ ẹni kan náà. Ohun tí lẹ́tà lè ṣèlérí ni pé gbogbo àwòrán tí oníbàárà ti rí wà nípamọ́, ó sì lè padà sí èyíkéyìí nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Dída méjì pọ̀ di ọ̀kan jẹ́ àtúnṣe mìíràn, ₦15,000 sì ni. Bí ilé iṣẹ́ náà bá wá ní kí wọ́n fi ọkùnrin kan tó ń rin ẹ̀gẹ́ kún un, kí àwòrán sì gùn ní ìbú fún ara ọkọ̀ akẹ́rù, ìyẹn ti kúrò ní àtúnṣe. Iṣẹ́ tuntun ni, àdéhùn tirẹ̀ àti owó tirẹ̀ ló ń fẹ́.

Kí kíkà má bàa dàrú, ayàwòrán máa ń kọ nọ́ńbà sára gbogbo fáìlì tó fi ránṣẹ́. Fáìlì àkọ́kọ́ tí oníbàárà yàn lè jẹ́ `gari-A3-0.png`, èyí tó jáde nínú àtúnṣe kìíní yóò jẹ́ `gari-A3-1.png`, ti èkejì yóò sì jẹ́ `gari-A3-2.png`. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ, yóò kọ "àtúnṣe kìíní nínú méjì", kí oníbàárà máa rí iye tó kù lójú ara rẹ̀.

Lẹ́tà tó gbé gbogbo èyí kì í gùn. Fún iṣẹ́ gàrí yìí, ó lè lọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà, ẹ sì kú àmójútó. Nínú ₦90,000 tí a jọ fẹnu kò lé lórí, ẹ ó kọ́kọ́ rí àwòrán mẹ́rin, ẹ ó sì yan ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, àtúnṣe méjì wà fún yín. Àtúnṣe kan ni àkójọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí a yí padà lára àwòrán tí ẹ yàn, tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iye ìgbà yòówù tí a bá fi ẹ̀rọ gbìyànjú kí ó tó rí bí ẹ ṣe fẹ́, ọwọ́ wa ni ìyẹn wà. Àṣìṣe tiwa, àti ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí àdéhùn, ọ̀fẹ́ ni a ó tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé ohun kékeré ni a lè yí padà kí ìyókù dúró. Bó bá jẹ́ ìdúró ènìyàn tàbí ìmọ́lẹ̀ ni, gbogbo àwòrán ni yóò tún jáde, ojú kò sì ní jẹ́ ọ̀kan náà. A ó sọ fún yín kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yí ìwọ̀n, ibi tàbí ẹni inú àwòrán padà, iṣẹ́ tuntun ni. Àfikún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦15,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní orúkọ ẹni tí yóò máa bá wa sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ 'mo gbà' padà kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló fún lẹ́tà lágbára. Bí lẹ́tà bá dé lẹ́yìn tí oníbàárà ti sanwó, yóò dà bí òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ láti fi gba owó sí i. Bó bá dé ṣáájú, tí ìdáhùn sì wà ní kíkọ, àdéhùn ni.

Ohun kan tí lẹ́tà tún gbọ́dọ̀ sọ ni ìgbà tí àtúnṣe tí oníbàárà kò tíì lò ń parí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí ayàwòrán fún oníbàárà ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti fi àkójọ ránṣẹ́ lẹ́yìn èsì kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ bá kọjá, ayàwòrán yóò rán an létí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà yóò gbé iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí oníbàárà yóò fi padà wá. Kò dára kí ó ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí pé oníbàárà ti gbà, nítorí pé ẹni tó ń rìnrìn àjò tàbí tó ń ṣàìsàn kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tí oníbàárà bá sì ti kọ ọ́ pé òun gba àwòrán, tí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ lójú tí wọ́n sì ti to ọ̀rọ̀ lé e fún atẹ̀wé, àtúnṣe tó bá kù ti parí, nítorí pé ìyípadà kékeré kan lára àwòrán yóò mú kí wọ́n tún gbogbo ìgbésẹ̀ ìkẹyìn wọ̀nyẹn ṣe. Bí àtúnṣe bá tán kí oníbàárà tó gbà, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un: kí ó san owó àfikún kan, kí ó gba èyí tó wà lọ́wọ́, tàbí kí ó padà sí ọ̀kan nínú àwọn tó ti rí tẹ́lẹ̀.